Ológbò wa ti gba bẹ́ẹ̀dì ọmọ kí ọmọ tó dé

Abiyamọ Ọ̀la

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 30, àkọ́kọ́ mi sì ni. Ológbò kan ṣoṣo la ní. Akọ ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ọmọ ọdún 5. Ọ̀gá là ń pè é, bí ọ̀gá náà ló sì ń ṣe. Yàrá tí a fẹ́ fi ṣe ti ọmọ ni àwo yanrìn tó ń yàgbẹ́ sí wà láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi to bẹ́ẹ̀dì ọmọ síbẹ̀, ó sì gbé àwo yanrìn lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọ̀gá ti tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú ibi tí àwo rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ó wá fò sínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó ká jọ, ó sùn lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọkọ mi wá ohùn ọmọ tó ń ké sórí fóònù, ó tàn án kó lè mọ́ ológbò lára. Ọ̀gá sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ọkọ mi ní ká fi ta ẹnìkan lọ́rẹ. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 10 ló kù. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Délé Aláriwo

Ẹ kú oríire! Tiwa náà bí mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Ẹ wá páálí tó jìn díẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ àtijọ́ sínú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bímọ síbẹ̀, kò nílò agbẹ̀bí.

Abiyamọ Ọ̀la

Ẹ ṣé o, àmọ́ èmi ni mo fẹ́ bímọ. Akọ ni ológbò.

Délé Aláriwo

Háà! Ẹ má bínú. Mo rí "ológbò", mo rí "ọmọ", mo ti sáré dáhùn. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.

Bàbá Ìbejì

Ológbò méjì la ní nígbà tí ìyàwó mi bí ìbejì, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ra ìgò tí wọ́n fi ń fín omi. Ìgbàkígbà tó bá ti fò sínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ẹ fín in lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, yóò gbọ́n. Ẹ tún ta nẹ́ẹ̀tì bo bẹ́ẹ̀dì náà. Ọjọ́ tí ọmọ bá wọlé ni kí ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ológbò, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ibi tí ìyá àgbà ti gba ohun ọ̀sìn kúrò lọ́wọ́ ọmọ, kì í padà sílé mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Abiyamọ Ọ̀la, ẹ fara balẹ̀, ọ̀sẹ̀ 10 tó. Ọdún 14 ni mo fi bá dókítà ẹranko ṣiṣẹ́, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í wọ́n lọ́dọ̀ wa. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹ gba ilé ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé ohun tuntun kan tó rọ̀, tó sì ga, sí ààyè rẹ̀, ẹ tún wá pariwo lé e lórí. Kì í ṣe owú ló ń jẹ, kò tíì mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Òórùn ara rẹ̀ ló ṣì ń sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ̀, ó sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Àwo yanrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ má tíì kan bẹ́ẹ̀dì, ẹ má kan ohùn. Lálẹ́ òní, kí bàbá ọmọ gbé àwo náà padà síbi tó wà. Mo mọ̀ pé ó máa dà bíi pé ológbò borí yín, ẹ jẹ́ kó borí. Kápẹ́ẹ̀tì tó tọ̀ sí ńkọ́? Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí kò fi ní sí omi mọ́, ẹ wá fi oògùn ìfọ̀tọ̀ ẹran tó ní ẹ́ńsáìmù rin ín, kó rin dé ibi tí ìtọ̀ náà rin dé, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ọṣẹ lásán máa ń mú òórùn kúrò ní imú tiwa, kì í mú un kúrò ní imú tirẹ̀. Ẹ má fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ rárá. Tí bílíìṣì bá pàdé ìtọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń ta ní ọ̀nà ọ̀fun ló ń jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ lóyún sínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra àwo kejì tó rí bí ti àkọ́kọ́, ẹ da irú yanrìn kan náà sí i, ẹ gbé e sí balùwẹ̀. Ẹ má ra èyí tó ní ìdérí nítorí pé ó lẹ́wà, ẹ má sì pààrọ̀ irú yanrìn ní àsìkò yìí. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi lọ wo tuntun. Nígbà tó bá ti ń lo ti balùwẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sún ti yàrá lọ síbẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lóòjọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó bá tọ̀ síta, ẹ dá a padà síbi tó ti lò ó dáadáa kẹ́yìn, ẹ dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó tún máa lọ.

Báwo ni yàrá yẹn ṣe jìnnà sí balùwẹ̀ tó?

Abiyamọ Ọ̀la

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n ni. Ẹsẹ̀ bàtà 18, ó sì yí kọ́nà kan.

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ kan fún àwo tuntun, ọjọ́ 18 fún sísún, ẹ wá fi bí ọ̀sẹ̀ kan kún un fún ọjọ́ tí kò ní gbà. Ẹ ó ti parí ní bí ọ̀sẹ̀ 35. Ọmọ lè dé láti ọ̀sẹ̀ 37 kẹ́ ẹ má sì bá a wíjọ́, nítorí náà ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ dọ̀la. Tí àwo méjì bá ráyè ní balùwẹ̀, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà níbẹ̀.

Agbẹ̀bí Alẹ́

Kí n fi tèmi kún un. Abiyamọ Ọ̀la, ta ló ń kó ìgbẹ́ ológbò náà?

Abiyamọ Ọ̀la

Èmi ni, láàárọ̀ ọjọ́ kejì-kejì. Ọkọ mi máa ń bì tó bá rí i.

Agbẹ̀bí Alẹ́

Kó máa bì, òun ni kó máa kó o láti òní lọ. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Tọkisopilásímà, tó lè pa ọmọ inú oyún lára, là ń sá fún. Ẹyin rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ ológbò jáde, kì í sì í lè ran ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó lágbára. Èyí ni pé kíkó o ní ọjọ́ kejì-kejì ń fún un láyè, kíkó o lójoojúmọ́ kì í fún un. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹlòmíràn nílé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí lé ológbò jáde. Ológbò máa ń tú ẹyin yẹn jáde fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tó bá kọ́kọ́ kó o, ara eku, ẹyẹ tàbí ẹran tútù tó bá jẹ ló sì sábà máa ń ti kó o. Èyí tí kì í jáde nílé, tí oúnjẹ inú ike ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀, ewu tirẹ̀ kéré. Fífọwọ́ pa á lára kọ́ ni ìṣòro. Ẹran tí kò jinná, ewébẹ̀ tí a kò fọ̀, àti iyẹ̀pẹ̀ inú ọgbà ń kó o ran ènìyàn ju ológbò inú ilé lọ. Tí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ ní kí dókítà yín ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bóyá ẹ ti ní in rí.

Ìyá Àgbà Rere

Èmi kò mọ ìwé, àmọ́ ohun tí a gbọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà ni pé ológbò máa ń fa èémí ọmọ ọwọ́ jáde. Òórùn wàrà ló ń tọ̀. Ẹ kíyè sára.

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Ẹ kú àgbà o, màmá. Fífà kọ́ o, mà. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ kì í ṣe òfo. Ohun tó móoru ni ológbò ń wá, ọmọ ọwọ́ sì móoru. Tó bá sùn ti ojú ọmọ, irun rẹ̀ lè bo imú ọmọ náà, ọmọ tí kò tíì tó oṣù mẹ́rin kò lágbára láti yí kúrò tàbí láti tì í. Nítorí náà, ìdí yàtọ̀, ìkìlọ̀ jẹ́ ọ̀kan: ológbò kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú ọmọ tó ń sùn tí àgbàlagbà kò bá sí nítòsí, tó sì lajú sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì

Ìdí tí mo fi ní ẹ ta nẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Bàbá Ìbejì, ẹ tọ̀nà lórí ilẹ̀kùn, ẹ kò tọ̀nà lórí ọjọ́, nẹ́ẹ̀tì sì ń bà mí lẹ́rù. Ológbò tó wúwo tó kílò márùn-ún rí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n nà sókè, kí lẹ rò pé ó rí? Ibùsùn tuntun ló rí. Yóò fò sí i, nẹ́ẹ̀tì yóò sì rọ̀ wálẹ̀ sórí ọmọ. Tí ilẹ̀kùn bá ti wà, ẹ ò nílò rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn nígbà tí àwo yanrìn bá ti jáde kúrò nínú yàrá, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ tó dé. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ wọlé lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójijì, yóò máa họ ọ́, yóò máa ké, ní òru tí ẹ kò tíì rí oorun sùn.

Ní ti omi fínfín, ohun tó ń kọ́ ológbò ni pé ẹni tó mú ìgò dání burú. Tí ẹni náà bá jáde, yóò padà sí bẹ́ẹ̀dì.

Bàbá Ìbejì

Tèmi ò padà o.

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Ṣé ẹ máa ń wà níbẹ̀ lóru?

Bàbá Ìbejì

Rárá. Ó dáa, mi ò mọ ohun tó ń ṣe lóru.

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Títí ẹ ó fi máa ti ilẹ̀kùn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀dì náà di ibi tí kò dùn sùn. Ẹ gé páálí kí ó gba gbogbo orí fóòmù, ẹ lẹ téèpù tó ń mú lójú méjèèjì mọ́ orí rẹ̀, kí ìlà téèpù kan máa jìnnà síra ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ológbò kórìíra kí nǹkan máa lẹ̀ mọ́ ọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ bímọ, kí ẹ tó lọ kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ṣùgbọ́n kò tó kí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ wo ìdí tó fi fẹ́ràn ibẹ̀: ó ga, ó ní ògiri yíká, ó rọ̀. Ẹ wá ohun tó ga jù ú lọ ní pálọ̀, bóyá orí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ gbé àpótí tó ní etí sí i, ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ ti wọ̀ tí ẹ kò tíì fọ̀ sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa fún un ní ohun tó fẹ́ràn jù.

Ọkọ Abiyamọ

Ẹ kú ilé o. Èmi gan-an ni mo tan ohùn ọmọ yẹn. Mo so fóònù mọ́ sípíkà ńlá, mo ní kó gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé mo ti bà á jẹ́ nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Ẹ ò tíì bà á jẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má tan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù nìkan, láìsí sípíkà, sí yàrá mìíràn, kí ohùn náà kéré débi pé ẹ̀yin fúnra yín ní láti dákẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ. Ẹ tàn án nígbà tó bá ń jẹun lọ́wọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Tó bá jẹun parí, ẹ pa á.

Oúnjẹ ni ẹ ó fi máa wọ̀n ọ́n. Tí etí rẹ̀ bá yí síbi ohùn náà, tó sì ń jẹun lọ, ó dáa. Tó bá gbé orí sókè, tí etí lẹ̀ mọ́ orí, tí dúdú ojú rẹ̀ fẹ̀, tàbí tó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Ẹ padà síbi tó rọrùn fún un, ẹ lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Tó bá jẹun tán láìmira ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léra wọn, ẹ fi díẹ̀ kún ohùn. Ẹ wá ohùn ọmọ bíi mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, torí ẹkún ọmọ yín kò ní jọ ti fóònù.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ náà nìyẹn. Fóònù kì í rùn, kì í sì í ju ẹsẹ̀. Yóò dín ìjáyà ọjọ́ àkọ́kọ́ kù, kò ní mú un kúrò pátápátá.

Ṣọlá Yàrá-Kan

Ẹ̀yin ń sọ ti ilẹ̀kùn, yàrá kan ṣoṣo la ní, ibo ni kí n tì? Ohun tí mo ṣe ni pé ológbò kì í sùn lọ́dọ̀ wa lóru mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ibi ìdáná àti balùwẹ̀ ló ń sùn, mo sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù méjì kí n tó bímọ. Ọkọ mi mú aṣọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi wé ọmọ wá sílé ní ọjọ́ kan ṣáájú wa kó lè gbóòórùn rẹ̀. Mo gbà pé ó ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á. Akọ ni tèmi náà. Ọjọ́ kẹrin tí a dé, ó ń wọ inú àwo, ó ń lọ́ra bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, kò sí nǹkan tó jáde. Ó tún jáde, ó tún wọlé. A ní owú ọmọ ló ń jẹ, pé ó fẹ́ ká wo òun ni. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti ń bì, kò lè dìde. Dókítà ẹranko ní ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti dí, pé bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, yóò kú. Rọ́bà ni wọ́n tì sí i lára kí ìtọ̀ tó jáde. Ó yè.

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Ṣọlá, ẹ ṣeun. Ìdààmú ọkàn wà lára ohun tó ń fa á, akọ ló sì ń ṣe jù nítorí pé ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́. Akọ ológbò tó ń ti ara tí ìtọ̀ kò jáde, kò ní dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ lóru. Èyí tó kọ oúnjẹ odindi ọjọ́ kan náà, ẹ pe dókítà. Nítorí náà, Ọkọ Abiyamọ, bí ẹ ṣe ń kó yanrìn lójoojúmọ́, ẹ máa ka òkìtì ìtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹ mọ iye tí tirẹ̀ máa ń jẹ́ báyìí, kí ẹ lè mọ̀ nígbà tó bá dín.

Ní ti aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ, mi ò rí i kó ṣe púpọ̀. Kò sì burú.

Ṣọlá Yàrá-Kan

Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwa.

Abiyamọ Ọ̀la

Ọ̀sẹ̀ 36 nìyí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn. Ọjọ́ karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwo balùwẹ̀. Sísún ti yàrá lọ dáadáa títí a fi dé kọ́nà, ẹsẹ̀ bàtà 11. Ibẹ̀ ló ti tọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. A dá a padà sí 10, a dúró ní ọjọ́ mẹ́ta, ó tún kọ̀. Ọkọ mi ló wá rí i pé ojú kọ́nà náà ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, ó máa ń gbọ̀n. A fo ibẹ̀, a gbé e sí 13 lálẹ́ nígbà tí kò sí ìfọṣọ, ó sì lò ó. Àwo méjèèjì ti wà ní balùwẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn.

Téèpù orí páálí, ẹ̀ẹ̀kan ló fò sí i. Ó gbọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó tẹ omi, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ohùn ọmọ ti dé ìdajì fóònù, ó ń jẹun lọ. Ilẹ̀kùn la kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tì, ó sì ń ké níwájú rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ṣé kí n ṣí i ni?

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Ẹ má ṣí i nígbà tó bá ń ké. Tó bá ké tí ẹ ṣí i ní ọjọ́ kẹta, ẹ ti kọ́ ọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun gbọ́dọ̀ fi ké. Ẹ bá a ṣeré dáadáa kí ẹ tó sùn, kó sáré tẹ̀ lé okùn fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wá fún un ní oúnjẹ alẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ọmọ ni kó máa fún un, kó má bàa jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń wò.

Bàbá Ìbejì

Ẹ tún lè fi ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì líle dípò ti pákó, kó máa rí inú. Ilẹ̀kùn ni mo sọ o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n Ológbò

Bàbá Ìbejì, èyí dára. Àwọn kan ní ó ń mú kó fẹ́ wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan ní ó ń fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo ti rí méjèèjì.

Abiyamọ Ọ̀la

A ti sọ̀ o! Ọmọbìnrin ni. Ọjọ́ 11 nìyí.

Lọ́jọ́ tí a wọlé, ọkọ mi ló gbé ọmọ, èmi fi ọwọ́ òfìfo kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀, mo kí Ọ̀gá. Ó gbóòórùn aṣọ mi títí, ó wá yí padà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ ké, ó gbé orí sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí balùwẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi jẹ ìdajì oúnjẹ rẹ̀. Ọkọ mi ń ka ìtọ̀ bí ẹni tó ń ka owó, mẹ́ta lóòjọ́ ni tẹ́lẹ̀, ó dín sí méjì lọ́jọ́ kejì, ó ti padà sí mẹ́ta.

Kò tíì súnmọ́ ọmọ ju ìwọ̀n apá kan lọ, a kò sì fipá mú un. Ìṣòro tó kù ni apẹ̀rẹ̀ aṣọ ọmọ. Gbogbo ohun tí mo bá fọ̀ tí mo ká síbẹ̀, ó ti sùn lé e kí n tó padà. Ta ló mọ ohun tí a lè ṣe sí apẹ̀rẹ̀?

Ọkọ Abiyamọ

Mo ti ra apẹ̀rẹ̀ kejì, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó ń sùn nínú méjèèjì.